Ta ni Mrs Ferraro?

Ní oṣù Keje ọdún 1984, ẹgbẹ́ òṣèlú Dẹmokírátì ní Amẹ́ríkà fa Geraldine Ferraro kalẹ̀ láti dupò igbákejì ààrẹ. Ẹgbẹ́ ńlá kankan kò tíì fa obìnrin kalẹ̀ fún ipò yẹn rí ní orílẹ̀-èdè náà. Àwọn oníròyìn wá há sí ibi kan tí wọn kò rò tẹ́lẹ̀: kí ni kí wọ́n kọ síwájú orúkọ rẹ̀? Miss kò ṣeé kọ, nítorí ó lọ́kọ, ó sì ti bímọ mẹ́ta. Mrs Ferraro náà kò bá a mu, torí pé John Zaccaro ni ọkọ rẹ̀ ń jẹ́. Orúkọ bàbá rẹ̀ ló dì mú, kó lè fi bu ọlá fún ìyá rẹ̀, opó tó fi iṣẹ́ ọwọ́ tọ́ ọ dàgbà. Bí a bá tẹ̀lé àṣà Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ìyá yẹn gan-an ni Mrs Ferraro!

Ms ni ì bá yanjú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn New York Times kò fàyè gba Ms nígbà náà. Mrs ni wọ́n ń kọ. William Safire, tó máa ń kọ nípa ọ̀rọ̀ àti ìlò èdè nínú ìwé ìròyìn náà, sọ fún wọn pé àṣìṣe ni, pé àkókò Ms ti tó. Síbẹ̀, ó di oṣù Kẹfà ọdún 1986 kí wọ́n tó gbà.

Gbogbo ọ̀rọ̀ yìí kò bá má ti wáyé bí kì í bá ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láyé àtijọ́. Inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó túmọ̀ sí ọ̀gá ni Mr ti jáde. Ọ̀rọ̀ náà ní ẹgbẹ́ rẹ̀ tó túmọ̀ sí ọ̀gá obìnrin, èyí tí wọ́n ń kọ ní mistress. Inú mistress yìí ni Mrs, Miss àti Ms ti wá, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà r fi wà nínú Mrs, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kì í pè é.

Mrs kò fi ìgbéyàwó hàn ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé ìgbà náà, obìnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù, tó ní ọmọ iṣẹ́ tàbí dúkìá ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ì báà lọ́kọ, ì báà má lọ́kọ. Amy Erickson, onímọ̀ ìtàn, ti ṣe iṣẹ́ tó jinlẹ̀ lórí èyí. Kódà títí wọ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, Mrs ni wọ́n ń pe olórí alásè nílé ọlọ́rọ̀, bí kò tilẹ̀ mọ ilé ọkọ rí.

Ọmọdébìnrin ló ni Miss. Ṣùgbọ́n ní àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, ó di àṣà láàárín àwọn ọlọ́lá láti máa pe àgbàlagbà obìnrin tí kò tíì lọ́kọ ní Miss. Díẹ̀díẹ̀ ni Mrs fi di ti abilékọ. Mr dúró síbi tó wà. Láti ìgbà náà ni orúkọ obìnrin ti ń sọ bóyá ó lọ́kọ tàbí kò lọ́kọ, tí ti ọkùnrin kò sì sọ nǹkan kan nípa aya. Èyí kò tọ́.

Ní ọdún 1901, ìwé ìròyìn kan nílùú Springfield, ní Massachusetts, dábàá Ms fún obìnrin tí a kò mọ̀ bóyá ó lọ́kọ. Bí Miss ló ń dún, àfi pé ìparí rẹ̀ ń kùn bí oyin. Àbá náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Lọ́dún 1961, Sheila Michaels rí Ms lára ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé ní Niu Yọ́ọ̀kì, ó sì rò pé ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló ṣèèṣì. Àṣé ohun tó ti ń wá nìyẹn: àpèlé fún obìnrin tí kì í ṣe ti bàbá, tí kì í sì í ṣe ti ọkọ. Ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí rédíò, ọ̀rọ̀ náà sì dé etí Gloria Steinem, ẹni tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi Ms sọ orúkọ ìwé ìròyìn wọn, tó kọ́kọ́ dá dúró lọ́dún 1972.

Lédè Yorùbá, a ní Ọ̀gbẹ́ni, Ìyáàfin àti Omidan, a kò ní ti Ms. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn kan lọ́dọ̀ wa máa rò pé obìnrin tó ti kọ ọkọ sílẹ̀ ló ń jẹ́ Ms. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Abilékọ ń jẹ́ ẹ, opó ń jẹ́ ẹ, omidan náà ń jẹ́ ẹ.

Nítorí náà, bí ìwọ bá fẹ́ kọ lẹ́tà sí obìnrin kan, kọ́kọ́ wo ìsàlẹ̀ lẹ́tà tó kọ sí ọ, níbi tó fọwọ́ sí. Bó bá kọ Mrs síbẹ̀, Mrs ni kí o kọ, má ṣe tún un ṣe fún un. Bó bá jẹ́ dókítà tàbí ọ̀jọ̀gbọ́n, ìyẹn ló ṣáájú. Bí kò bá kọ nǹkan kan, Ms ni kí o lò. Òrùka ọwọ́ rẹ̀ àti ọjọ́ orí rẹ̀ kò tó ẹ̀rí láti fi yan Mrs tàbí Miss fún un. Bí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ bá sì wà lọ́wọ́ rẹ, jọ̀wọ́, pè é kí o tó tẹ lẹ́tà náà, kí o bi í léèrè èyí tó ń jẹ́.