Wáì-Fáì ni àbí Iléeṣẹ́? Ẹ Fi Wáyà Dán An Wò

Bí íńtánẹ́ẹ̀tì bá ń fà nílé, iléeṣẹ́ tó ń tà á fún wa la máa ń kọ́kọ́ bú. A ó pè wọ́n, wọ́n á ní ká pa ráútà, ká tún un tàn. A ó ṣe bẹ́ẹ̀, kò ní yí padà. Wọ́n á ní kò sí wàhálà lọ́dọ̀ tàwọn, àwa náà ò ní gbà. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ẹni tó ní ẹ̀rí lọ́wọ́.

Ìrìn méjì ni dátà ń rìn kó tó dé iwájú yín. Ó ń ti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ wá sínú ráútà, lẹ́yìn náà ó ń ti inú ráútà gba afẹ́fẹ́ dé orí láptọ́ọ̀pù. Ìrìn kejì yìí là ń pè ní Wáì-Fáì, ògiri ilé yín, ẹ̀rọ máíkíròwéèfù àti ráútà àwọn aládùúgbò sì lè da á rú láìjẹ́ pé iléeṣẹ́ mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi wáyà so láptọ́ọ̀pù mọ́ ráútà, ẹ ti yọ afẹ́fẹ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà.

Wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kẹ́ ẹ béèrè lọ́jà, èyí tí wọ́n kọ Cat 5e tàbí Cat 6 sí lára. Ẹnu rẹ̀ jọ ti wáyà tẹlifóònù àtijọ́, àmọ́ ó fẹ̀ jù ú lọ. Láptọ́ọ̀pù pẹlẹbẹ òde òní míì ò ní ihò rẹ̀. Ẹ ó ra ẹ̀rọ kékeré tó ń wọ ojú USB. Ẹ ki wáyà bọ ọ̀kan nínú àwọn ihò tí wọ́n kọ LAN sí lẹ́yìn ráútà, ẹ má fọwọ́ kan èyí tí wọ́n kọ WAN sí. Kẹ́ ẹ wá pa Wáì-Fáì láptọ́ọ̀pù náà pátápátá, kó má baà tún gba ẹ̀yìn wọlé. Kí àwọn ọmọ náà dá fídíò wíwò dúró fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé kan ní Ìbàdàn, tí wọ́n ń sanwó fún 50 Mbps. Nínú yàrá tó fi ògiri méjì jìnnà sí ráútà, 6 péré ni fast.com ń fi hàn. Wọ́n gbé láptọ́ọ̀pù wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà, wọ́n ki wáyà bọ̀ ọ́, ó di 47. Iléeṣẹ́ ò jẹ̀bi nìyẹn. Ọ̀nà míì wà tó tún fi èyí hàn kedere. Lórí Windows, ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ `ipconfig`. Nọ́ńbà tó wà níwájú Default Gateway ni àdírẹ́sì ráútà yín. Tó bá jẹ́ 192.168.1.1, ẹ tẹ:

```
ping -n 20 192.168.1.1
ping -n 20 8.8.8.8
```

Àṣẹ àkọ́kọ́ ń kan ilẹ̀kùn ráútà nìkan, kò jáde nílé rárá. Ìkejì ń lọ bá ẹ̀rọ Google kan lóde. Nínú yàrá ilé Ìbàdàn yẹn, lórí Wáì-Fáì, ráútà fèsì ní 3ms, ó di 210ms, lẹ́yìn náà "Request timed out". Ọ̀rọ̀ tí kò tíì kúrò nílé ti ń sọnù! Lórí wáyà, time<1ms ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n gbé ráútà ọ̀hún sí. Ibi gbangba ló yẹ kó wà.

Bó bá wá jẹ́ pé lórí wáyà, ráútà ń fèsì kíá, àmọ́ 8.8.8.8 ń já, tí ìwọ̀n sì jẹ́ 9, Wáì-Fáì ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹ tún un dán wò láàárọ̀ kùtù. Tó bá di 48 nígbà náà, a jẹ́ pé èrò ló ń pọ̀ lórí òpó iléeṣẹ́ lálẹ́.

Wáyà náà lè purọ́ o. Okùn mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀. Tí ọ̀kan nínú wọn bá já, ó lè máa ṣiṣẹ́ lọ, àmọ́ kò ní kọjá 100 Mbps. Ẹni tó ń sanwó fún 200, tó wá ń rí 94 ní gbogbo ìgbà, kó pààrọ̀ wáyà kó tó gbé ìjà lọ bá ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ USB olówó pọ́ọ́kú náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ráútà fúnra rẹ̀ sì lè ti ń ṣàìsàn: ihò LAN míì, tàbí ráútà tẹ́ ẹ yá, ni yóò jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀.

Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ pè wọ́n, ẹ sọ ọ́ báyìí: "Wáyà ni mo fi dán an wò, mo ti pa Wáì-Fáì. Aago mẹ́jọ alẹ́, 9 ni mo rí nínú 50. Ráútà ń dáhùn, 8.8.8.8 ò dáhùn dáadáa." Wọ́n á ṣì ní kẹ́ ẹ pa ráútà kẹ́ ẹ tún un tàn. Ẹ bá wọn ṣe é, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n rán ẹni tó ń tún òpó ṣe wá.