Oṣù Kìíní Tí Ìkànnì Aránṣọ Kò Mú Oníbàárà Wá

Aránṣọ kan ní Ìbàdàn ṣí ìkànnì fún iṣẹ́ rẹ̀. Odindi oṣù kan kọjá, ẹnikẹ́ni kò pè é. Ó tẹ `site:` mọ́ àdírẹ́sì ìkànnì náà lórí Google, kò rí nǹkan kan. Google kò tíì mọ̀ pé ó wà, torí kò sí ìkànnì mìíràn tó tọ́ka sí i. Ó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Google Search Console, ó sì kọ “ìró àti bùbá ìgbéyàwó, Bódìjà” sábẹ́ àwòrán tí kò lọ́rọ̀ kankan tẹ́lẹ̀. Ó wá gbájú mọ́ ìránṣọ rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, oníbàárà àkọ́kọ́ pè. Ẹ má tètè pa ìkànnì tuntun tì. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá Google ti rí i.