Aago Mẹ́wàá Ti Ibo?

Ká ní akáńtáǹtì kan n'Ìbàdàn ń wá iṣẹ́ sí iléeṣẹ́ kan ní Tòróńtò, lórílẹ̀-èdè Kánádà. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 5 oṣù Kẹta ọdún 2026, ẹni tó ń bá iléeṣẹ́ náà gbani síṣẹ́ kọ̀wé sí i pé kó dá àkókò ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Arábìnrin náà yẹ fóònù wò: aago 4 ìrọ̀lẹ́ n'Ìbàdàn, aago 10 àárọ̀ ní Tòróńtò. Wákàtí mẹ́fà ni wọ́n fi wà lẹ́yìn wa. Ló bá fèsì pé aago 10 àárọ̀ Tòróńtò, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọjọ́ 10, dáa. Aago 4 ìrọ̀lẹ́ ló sì ń múra dè.

Yóò fi wákàtí kan pẹ́. Lóru mọ́jú ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 8, wọ́n ti sún aago Tòróńtò síwájú ní wákàtí kan, bí wọ́n ti ń ṣe ní ọjọ́ Àìkú kejì oṣù Kẹta. Àwa kì í sún tiwa. Láti ọjọ́ náà títí di ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù Kọkànlá, wákàtí márùn-ún péré ló kù láàárín wa, aago 10 wọn sì ti di aago 3 wa.

Ti Lọ́ńdọ̀nù tún yàtọ̀. Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹta ni wọ́n ń sún tiwọn, wọ́n á sì dá a padà ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá. Láàárín ìgbà yẹn, aago kan náà là ń lò. Nígbà òtútù, a fi wákàtí kan ṣáájú wọn.

Nítorí náà, aago ọjọ́ ìpàdé ni kéèyàn wò, kì í ṣe tòní. Lórí timeanddate.com, èèyàn lè mú ìlú méjèèjì àti ọjọ́ náà gan-an, yóò sì rí i bí wákàtí wọn ṣe bára mu.

Nínú lẹ́tà, orúkọ ìlú ni kó o kọ, má kọ EST. Ọ̀pọ̀ ló ń kọ ọ́ yípo ọdún, bẹ́ẹ̀ EDT ni wọ́n ń lò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, wákàtí kan ló sì wà láàárín méjèèjì. Kọ orúkọ oṣù pẹ̀lú, torí pé 10/03 lè di ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá lójú ará Amẹ́ríkà.

Ká padà sọ́dọ̀ akáńtáǹtì wa. Aago 9 sí 12 ọ̀sán ní Tòróńtò ló dáa jù fún un: lẹ́yìn ọjọ́ 8, aago 2 sí 5 ni n'Ìbàdàn. Aago 4 ìrọ̀lẹ́ wọn ti di aago 9 alẹ́ wa, ìyẹn sì di ọwọ́ iná mànàmáná àti jẹnẹrétọ̀. Kó dá àkókò mẹ́ta lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kó kọ aago tiwọn ṣáájú, kó fi tiwa tì í.

Bí ìwé ìpè bá dé sínú kàlẹ́ńdà fóònù rẹ, aago tìrẹ ló máa fi hàn. Fi wé ohun tó o kọ. Bó bá yàtọ̀, kọ̀wé padà lọ́jọ́ náà gan-an, má jẹ́ kó di ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.