Ẹ̀kọ Mímu Láìsí Mílíìkì Àgolo

Inú ọ̀pọ̀ àgbàlagbà wa kì í gba mílíìkì. Ṣúgà kan wà nínú wàrà màlúù tí ìfun ọmọ ọwọ́ lè dà dáadáa, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń dàgbà, agbára yẹn a máa dín kù. Ṣúgà tí kò dà á wá dé ìfun ńlá, kòkòrò ibẹ̀ á sọ ọ́ di afẹ́fẹ́, inú á wú, á sì máa kùn. Ti inú agolo tilẹ̀ le jù, torí wọ́n ti fa omi rẹ̀ kù.

Wàrà sóyà ni mo fara mọ́ jù fún ẹ̀kọ àárọ̀. Ẹ rẹ ife sóyà kan sómi mọ́jú, ẹ bó èèpo rẹ̀, ẹ fi ife omi mẹ́fà lọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ. Orí iná ni wàhálà wà. Kíá ló máa ń ru sókè bí ohun tó ti jinná, bẹ́ẹ̀ kò tíì jinná. Ẹ dín iná kù, kí ẹ máa rò ó fún 20 ìṣẹ́jú. Bó bá ṣì ń rùn bí ẹ̀wà tútù, ẹ má tíì sọ̀ ọ́, torí sóyà tútù náà ń da inú rú.

Àbùkù rẹ̀ ni pé kásíọ́mù inú rẹ̀ kò tó ti màlúù. Ẹja wẹ́wẹ́ gbígbẹ, tí a jẹ teegunteegun nínú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́, ló ń dí àlàfo yẹn.