Ihò Tó Ṣófo Nínú x³ − 7x + 6

Ìṣirò tí ọmọ àbúrò mi gbé wá bá mi kò gùn rárá: kí ó fi x − 2 pín x³ − 7x + 6. Kíláàsì SS2 ló wà, ó sì ti ṣe irú rẹ̀ bíi mẹ́fà láìṣì ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìwé ní kò sí àṣẹ́kù, tirẹ̀ sì ṣẹ́ku −4. "Àǹtí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti tún un ṣe," ó ní, "ibì kan náà ni mo ń já sí. Àfi kó jẹ́ pé ìwé ló ṣì í."

Ìwé kò ṣì í. Èmi náà kọ́kọ́ wo iṣẹ́ rẹ̀ títí, n kò rí nǹkan kan, torí pé gbogbo ìlọ́po tó ṣe ló péye. Ohun tó ṣe rèé. Ó bi ara rẹ̀ pé kí ni òun yóò fi ṣe ìlọ́po x kí ó tó di x³. Ó rí i pé x² ni, ó kọ ọ́ sókè. Ó wá fi x² ṣe ìlọ́po x − 2, ó rí x³ − 2x². Ó kọ èyí sábẹ́ ohun tó ń pín bó ṣe tẹ̀ lé ara wọn: x³ bọ́ sábẹ́ x³, −2x² sì bọ́ sábẹ́ èyí tó kàn, ìyẹn −7x. Ó yọ ti ìsàlẹ̀ kúrò nínú ti òkè. x³ tán. Nígbà tí a bá yọ −2 kúrò nínú −7, −5 ló kù, ó sì kọ −5x. Ó fa 6 wálẹ̀. Ó tún pín −5x + 6, ó rí −5, ó ṣe ìlọ́po, ó yọ 10 kúrò nínú 6, −4 sì kù. Èsì rẹ̀ wá di x² − 5, àṣẹ́kù −4.

Ẹ padà síbi tí ó ti yọ −2x² kúrò lára −7x. Ẹni tó bá yọ iṣu méjì kúrò nínú àgbàdo méje kò tíì ṣe ìṣirò kankan. x² kì í ṣe x. Ọmọ náà mọ èyí dáadáa. Bí mo bá kọ 7x − 2x² fún un lójú pálí, kò ní dá a láṣà láti kọ 5x. Kí ló wá dé tó ṣe é níbí láìfura?

Ohun tó fà á ni pé ọ̀nà méjì ni a ń gbà kọ nǹkan, ó sì ti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì láìmọ̀. Nígbà tí a kọ x³ − 7x + 6 sórí ìlà kan, orúkọ ẹyọ kọ̀ọ̀kan wà lára rẹ̀. Ẹ lè dà á rú, kí ẹ kọ ọ́ ní 6 + x³ − 7x, kò sí ohun tó yí padà. Èyí tí kò sí nínú rẹ̀, ìyẹn x², a kò dárúkọ rẹ̀, kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Bí a ṣe ń ka òǹkà lẹ́nu ní èdè wa náà nìyẹn. Bí mo bá sọ pé ẹgbẹ̀rún kan ó lé mẹ́fà, mo ti sọ ọ́ tán. N kò ní kí ọgọ́rùn-ún má bínú, n kò sì tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹ̀wá. Ṣùgbọ́n lórí bébà, 1006 la máa kọ. Ẹni tí kò bá fi òdo méjì sí àárín, 16 ló kọ yẹn.

Pípín gígùn, tí à ń tò láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, ti bébà ni. Ibi tí nǹkan bá jókòó sí ló ń sọ irú ohun tó jẹ́. Òpó kan wà fún x³, òkan fún x², òkan fún x, òkan fún nọ́ńbà lásán. Ní kété tí ọwọ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ òpó kúrò lára òpó, ojú kì í ka agbára orí x mọ́. Ó ń wo ohun tó wà lókè àti ohun tó wà nísàlẹ̀. Bí òpó x² kò bá sí níbẹ̀, −2x² á wá ibòmíràn jókòó sí.

Mo bá gbé ọpọ́n ayò jáde, nítorí ọmọ náà mọ ayò ta ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Mo bi í pé bí ọwọ́ rẹ̀ bá ń rọ ọmọ ayò lọ, tó dé ihò tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, ṣé ó máa ń fò ó? Ó rẹ́rìn-ín. Ta ló ń fo ihò? Ihò tó ṣófo, ihò náà ni. Ọmọ kan gbọ́dọ̀ bọ́ síbẹ̀. Ẹni tó bá fò ó, gbogbo ihò tó kù lẹ́yìn rẹ̀ ni kíkà wọn yóò yàtọ̀. Mo ní ihò tó fò nínú ìṣirò rẹ̀ nìyẹn. Ó gba ìwé rẹ̀ padà, ó sì kọ ọ́ báyìí:

```
          x² + 2x − 3
x − 2 ) x³ + 0x² − 7x + 6
        x³ − 2x²
        ---------
             2x² − 7x
             2x² − 4x
             ---------
                 −3x + 6
                 −3x + 6
                 -------
                       0
```

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní òpó kejì. Òdo ló wà níbẹ̀, a yọ −2x² kúrò nínú rẹ̀, ó sì di 2x². Ihò tó ṣófo ti ní nǹkan nínú. 2x² yìí ni a tún pín, òun ló bí 2x tó wà láàárín èsì. Nínú iṣẹ́ àkọ́kọ́ ti ọmọ náà, kò sí ibi tí 2x yìí ìbá ti wá. Lẹ́yìn náà a yọ −4x kúrò nínú −7x, −3x kù, −3 gun òkè, gbogbo rẹ̀ sì tán láìṣẹ́ku. Èsì rẹ̀ ni x² + 2x − 3.

Ó dára kí a fi nọ́ńbà gidi wò ó. Ẹ jẹ́ kí x jẹ́ 10. x³ − 7x + 6 á di 1000 − 70 + 6, ìyẹn 936. x − 2 á di 8. Bí a bá fi 8 pín 936, 117 ni. Èsì tuntun yìí, x² + 2x − 3, jẹ́ 100 + 20 − 3, 117 gééré. Èsì àtijọ́ jẹ́ 95. Ìlọ́po rẹ̀ pẹ̀lú 8 jẹ́ 760, ẹ yọ 4, ó ku 756. Ó fi 180 dín sí iye tó yẹ kó jẹ́.

Mo fẹ́ràn kí ọmọ máa fi nọ́ńbà yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, ṣùgbọ́n irú àṣìṣe yìí ní ọgbọ́n ẹ̀wẹ́. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń fi 1 yẹ iṣẹ́ wò torí pé ó rọrùn. Ẹ fi 1 sí ipò x nínú x³ − 7x + 6: òdo ni. Ẹ fi 1 sínú èsì tó ṣì náà: −4 tí a fi −1 ṣe ìlọ́po rẹ̀ jẹ́ 4, ẹ yọ 4, òdo náà ni. Wọ́n bára mu! Bí ẹ bá fi òdo dán an wò, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á tún jẹ́ 6. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Àṣìṣe náà sọ pé x² àti x jẹ́ nǹkan kan náà, nígbà tí x bá sì jẹ́ 1 tàbí òdo, nǹkan kan náà ni wọ́n lóòótọ́. Nọ́ńbà méjèèjì yìí kò lè tú àṣírí náà, nítorí náà ẹ mú nọ́ńbà mìíràn. Èyí tó yá jù ni nọ́ńbà tó ń sọ apín di òdo, tí í ṣe 2 níbí: 8 − 14 + 6 jẹ́ òdo, nítorí náà àṣẹ́kù gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣe èyí, kó tó fa ìlà kankan, ti mọ̀ pé −4 kò lè jẹ́ òtítọ́.

Apín náà lè ní ihò tó ṣófo, ibẹ̀ ni àwọn tó ti mọ òdo kọ sínú ohun tí wọ́n ń pín ti tún máa ń ṣubú. Bí a bá ní kí ẹ fi x² − 1 pín nǹkan, x² + 0x − 1 ni kí ẹ kọ, kí −1 má baà lọ jókòó sí òpó x nígbà ìlọ́po. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Ní ọ̀rúndún kejìlá, Al-Samaw'al, ọmọ Bàgídáàdì, kọ ìwé áljẹ́bírà kan tó ń jẹ́ Al-Bahir nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 19. Ó ya tábìlì, òpó kan fún agbára kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kọ nọ́ńbà nìkan sínú rẹ̀. Nínú ọ̀kan lára àwọn àpẹẹrẹ rẹ̀, apín tó lò ni 2x³ + 5x + 5 + 10/x. Kò sí x² níbẹ̀, nítorí náà òdo ló jókòó sí òpó náà. Èsì rẹ̀ náà sì ní àyè kan láàárín tó ṣófo.

Irú tábìlì bẹ́ẹ̀ la ṣì ń lò nínú ọ̀nà àbùjá tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní sẹ́kọ́ńdìrì, èyí tí à ń kọ nọ́ńbà iwájú x nìkan: 1, 0, −7, 6. Ibí yìí ni òdo ti ṣe pàtàkì jù, torí kò sí x kankan lójú ìwé mọ́ tí yóò rán ẹnikẹ́ni létí. Lórí bébà gígùn, ẹni tó bá fi àyè gbayawu sílẹ̀ láìkọ òdo ṣì lè rí i ṣe, bí ọwọ́ rẹ̀ bá tọ́; ihò ni a nílò, òdo kàn ń sọ pé ihò wà níbẹ̀ ni. Nínú ọ̀nà àbùjá, òdo nìkan ni ihò. Kọ̀ǹpútà náà kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń lo numpy lórí Python á tẹ èyí:

```
numpy.polydiv([1, 0, -7, 6], [1, -2])
```

Á sì rí 1, 2, −3, pẹ̀lú àṣẹ́kù òdo. Bó bá gbàgbé òdo náà, tó tẹ 1, −7, 6, ẹ̀rọ kò ní bínú, kò ní kìlọ̀. Ó gbà pé x² − 7x + 6 ni wọ́n ní kí òun pín, yóò pín in tọ́, yóò sì fún un ní x − 5, àṣẹ́kù −4. Àṣẹ́kù ọmọ àbúrò mi gan-an nìyẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ dán ọwọ́ yín wò, ẹ fi x + 1 pín 2x⁴ − 3x² + 5. Ihò méjì ló ṣófo nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fo wọn, ẹ ó rí àṣẹ́kù tiyín. Tòótọ́ ni 4.