Fídíò Tó Bàjẹ́ Láìfọhùn

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń tọ́jú fídíò sórí háàdì dísìkì méjì máa ń wo ìwọ̀n fáìlì nìkan. Ìyẹn kò tó. Bíìtì kan lè yí padà lórí dísìkì, kí orúkọ, ìwọ̀n àti ọjọ́ fáìlì má sì yẹ̀ rárá. Fídíò náà á ṣì máa ṣiṣẹ́. Bóyá ni àwòrán kàn máa fọ́ díẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kì í wò.

Ohun tó ń tú àṣírí rẹ̀ ni `sha256sum`. Ó ń ka fáìlì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì ń ṣírò àmì ìdánimọ̀ tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 64. Bí bíìtì kan bá yí, àmì náà á yàtọ̀ pátápátá. Ẹ ṣe àkọsílẹ̀ yìí nígbà tí fídíò ṣì pé, torí àkọsílẹ̀ tí a ṣe lẹ́yìn ìbàjẹ́ á jẹ́rìí sí ìbàjẹ́ ni:

```
sha256sum *.mp4 > akojo.txt
```

Ẹ da òun àti fídíò kọ sórí dísìkì kejì. Ẹ yọ dísìkì náà, ẹ tún un kì bọlẹ̀, kí kọ̀ǹpútà má baà ka ohun tó ṣì wà nínú mẹ́mórì rẹ̀ dípò ti dísìkì. Ẹ wá yẹ̀ ẹ́ wò:

```
sha256sum -c akojo.txt
```

Bí fáìlì kan bá gbé `FAILED` jáde, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí dísìkì àkọ́kọ́. Bó bá jẹ́ `OK` níbẹ̀, ẹ tún un dà kọ. Bí méjèèjì bá kùnà, àkọsílẹ̀ kò lè tún fídíò ṣe; ẹ̀dà kẹta nìkan ló kù.