Ẹ̀JẸ̀ NÍ ÌBẸ̀RẸ̀ OYÚN: ÈWO NI Ó LÉWU?

Bí aboyún bá rí ẹ̀jẹ̀ ní oṣù àkọ́kọ́, ẹ̀rù a máa bà á. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀jẹ̀ ni ó túmọ̀ sí pé oyún ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n òmíràn wà tí a kò gbọdọ̀ fi dúró di ọ̀la. Kíka ọjọ́ ni yóò kọ́kọ́ fi ìyàtọ̀ wọn hàn wá.

Ẹ jẹ́ kí a wo obìnrin kan tí nǹkan oṣù rẹ̀ a máa dé ní ọjọ́ 28 síra wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí rí i ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta. Ní nǹkan bí ọjọ́ 17, ẹyin rẹ̀ yóò jáde. Bí ó bá lóyún, ọlẹ̀ kékeré náà yóò fi ara mọ́ ògiri ilé-ọmọ lẹ́yìn bí ọjọ́ 8 sí 10, èyí ni láti ọjọ́ 25 sí 27. Ní àkókò yìí, tàbí ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àwọn obìnrin mìíràn a máa rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Ó lè pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, tàbí kí ó pọ́n rúsúrúsú bí omi obì. Ẹ̀kán díẹ̀ ni. Kì í rin aṣọ, kò ní ìṣù, ó sì ń dá láàárín wákàtí díẹ̀ tàbí ọjọ́ kan sí méjì. Nítorí pé ó súnmọ́ ọjọ́ 31 tí nǹkan oṣù yẹ kí ó dé, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa ṣì í pè ní nǹkan oṣù.

Ṣùgbọ́n bí obìnrin kan náà bá rí ẹ̀jẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin, ọ̀sẹ̀ 8 ti pé láti ìgbà nǹkan oṣù rẹ̀ ìkẹyìn. Ọlẹ̀ ti fi ara mọ́lẹ̀ tipẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí fún un pé, “Oyún ni ó ń jókòó.” Bí ẹ̀jẹ̀ náà bá pọ́n yòò, tí ó ń pọ̀ sí i, tí ó ní ìṣù, tí inú àti ẹ̀yìn sì ń ro ó, oyún lè máa bàjẹ́. Bí ó bá rin aṣọ ìkẹ́jẹ̀ méjì láàárín wákàtí kan, fún wákàtí méjì léra, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, ìbáà ṣe òru.

Ewu kan wà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè kéré. Nígbà mìíràn ọlẹ̀ a dúró sínú ọ̀nà tóóró tí ẹyin ń gbà, kò sì dé ilé-ọmọ. Bí ó ti ń dàgbà, ọ̀nà náà lè ya, kí ẹ̀jẹ̀ sì máa dà sínú ikùn níbi tí ojú kò rí i. Ìrora gidi ní ẹ̀gbẹ́ ikùn kan, ìrora ní orí èjìká, òòyì tàbí dídákú ni àmì rẹ̀. Èyí lè pa ènìyàn. Kò sí àgbo tí ó lè wò ó.

Àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ nìkan kò tó fún ìdájọ́. Nítorí náà, bí ẹ̀jẹ̀ tilẹ̀ kéré, kí aboyún lọ fún àyẹ̀wò, kí ó sì sọ ọjọ́ tí nǹkan oṣù rẹ̀ ìkẹyìn bẹ̀rẹ̀. Bí oyún bá sì bàjẹ́ lóòótọ́, kí ọkọ má ṣe dá aya rẹ̀ lẹ́bi nítorí iṣẹ́ oko: nínú ọ̀pọ̀ irú oyún bẹ́ẹ̀, ọlẹ̀ náà ni kò pé láti ìpilẹ̀ṣẹ̀.